Bí a ṣe ń wá áígẹ́nfálù àti áígẹ́nfẹ́kítọ̀ mátíríìsì méjì-sí-méjì, ká sì fi ojú rí i

Ẹ lọ bá fọkanáísà àdúgbò yín, kí ẹ ní kó fún yín ní ègé túùbù ọkọ̀ tó ti bàjẹ́. Ó sábà máa ń wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn káàkiri. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì là á kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì gé e kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí àárín rẹ̀, kí ẹ wá fa ọfà méjìlá láti ojú àmì náà síta bíi nọ́ńbà ojú aago. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4. Kí ẹnìkan di etí ọ̀tún mú, kí ẹlòmíì di etí òsì mú, kí ẹ jọ fà á títí ọfà tó kọjú sí 3 lójú aago yóò fi di sẹ̀ǹtímítà 6.

Ẹ má tíì dẹ̀ ẹ́. Ẹ wo àwọn ọfà náà dáadáa. Èyí tó kọjú sí 3 àti èyí tó kọjú sí 9 ti gùn sí i, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kọjú sí tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣì kọjú sí. Èyí tó kọjú sí 12 àti 6 ti kúrú, nítorí rọ́bà tí a bá fà sí ẹ̀gbẹ́ máa ń fún wọlé lókè àti nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fi rúlà wọ̀n wọ́n, wọ́n á tó bíi sẹ̀ǹtímítà 3.3. Àwọn náà kò yí ojú. Àwọn mẹ́jọ tó kù ńkọ́? Gbogbo wọn ló yẹ̀. Ọfà 1 àti 2 ti tẹ̀ sí ọ̀nà 3, ọfà 10 àti 11 ti tẹ̀ sí ọ̀nà 9, àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà sì ṣe bákan náà.

Ohun tí a ń wá nìyẹn. Àwọn ọfà tí kò yẹ̀ kúrò lójú ìlà wọn nígbà tí a fa rọ́bà ni áígẹ́nfẹ́kítọ̀ fífà náà. Iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi gùn tàbí fi kúrú ni áígẹ́nfálù rẹ̀. Ti ọ̀nà ọ̀tún sí òsì jẹ́ 6 ÷ 4, ìyẹn 1.5. Ti òkè sí ìsàlẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.8. Ọ̀rọ̀ Jámánì ni "áígẹ̀n" tó ṣáájú orúkọ méjèèjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ti ara ẹni", David Hilbert ló sì fi sọ nǹkan báyìí lórúkọ ní 1904. Ó bá a mu, torí ìlà tó jẹ́ ti fífà yẹn gan-an ni, kì í ṣe èyí tí àwa fi ọwọ́ ara wa fà.

Lórí rọ́bà, ojú la fi rí i. Nínú ìwé, nọ́ńbà mẹ́rin péré ni wọ́n máa gbé fún yín, kò sí rọ́bà kankan níbẹ̀. Bí a ṣe ń ti orí nọ́ńbà mẹ́rin yẹn dé orí ìlà méjì náà ni mo fẹ́ fi hàn yín, mátíríìsì kan ṣoṣo ni a ó sì bá rìn dé òpin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tí mátíríìsì náà ń ṣe

```
A = | 4  1 |
    | 2  3 |
```

Òpó ni kí ẹ fi kà á, láti òkè wá sísàlẹ̀. Òpó àkọ́kọ́, tó ní 4 àti 2, ń sọ fún wa pé ọfà (1, 0) tó dùbúlẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún yóò lọ balẹ̀ sí (4, 2). Òpó kejì ń sọ pé ọfà (0, 1) tó dúró ṣánṣán yóò lọ balẹ̀ sí (1, 3). Bí a bá ti mọ ibi tí àwọn méjì yìí lọ, a ti mọ ibi tí gbogbo ọfà yòókù ń lọ, nítorí ọfà (x, y) kò ju x ìlọ́po ti àkọ́kọ́ àti y ìlọ́po ti kejì tí a so pọ̀. Ó já sí èyí:

```
(x, y)  ->  (4x + y, 2x + 3y)
```

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́múlà kankan, ẹ mú ìwé gíráàfù kí ẹ gbìyànjú ọfà mélòó kan. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa fo ibí yìí kọjá. Èmi náà fò ó kọjá nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ, mo sì ṣe ìdánwò lórí rẹ̀ láìmọ ohun tí mo ń wá. Ìdáhùn mi tọ̀nà, àmọ́ nígbà tí olùkọ́ ní kí n yà á, mo kàn dúró síwájú pátákó tí mo mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ni.

```
(1, 0)  ->  (4, 2)
(0, 1)  ->  (1, 3)
(1, 2)  ->  (6, 8)
(1, 1)  ->  (5, 5)
```

Láti mọ̀ bóyá ọfà kan yẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà kejì pín nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ fi àkọ́kọ́ pín ìkejì, ìkan tó bá wù yín, ṣáà ti ṣe é bákan náà ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká fi àkọ́kọ́ pín ìkejì. Ọfà (1, 2) jẹ́ 2 ṣáájú. Lẹ́yìn tí A fà á tán, 8 ÷ 6 jẹ́ 1.33. Ó ti yẹ̀ nìyẹn, ó ti tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ọfà (1, 1) jẹ́ 1 ṣáájú, ó sì tún jẹ́ 1 lẹ́yìn. Kò yẹ̀ rárá. Ó kàn gùn ní ìlọ́po márùn-ún ni. A ti fi ọwọ́ kan áígẹ́nfẹ́kítọ̀ kan láìtíì ṣe ìṣirò gidi, áígẹ́nfálù rẹ̀ sì jẹ́ 5.

Ìkejì ńkọ́? Ẹ lè máa gbìyànjú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí tí a fi nílò ọ̀nà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yọ ìgùn kúrò nínú fífà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ sí jù, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń sáré kọjá, tí wọ́n á kàn ní kí ẹ "fi ditamínáǹtì sí òfo" láìsọ ìdí.

Ká ní ọfà kan wà tí a kò tíì mọ̀, ká pè é ní v. A fẹ́ kí A fà á láìyí ojú rẹ̀ padà, kó kàn di ìlọ́po λ ti tẹ́lẹ̀. (Lámúdà ni wọ́n ń pe lẹ́tà yẹn, lẹ́tà Gíríìkì ni.) Nísinsìnyí, ẹ ronú kan mátíríìsì mìíràn tí kò mọ ju iṣẹ́ kan lọ: ó ń sọ gbogbo ọfà di ìlọ́po λ, láìyí ojú ẹnikẹ́ni padà. Bó ṣe rí nìyí:

```
| λ  0 |
| 0  λ |
```

Ọ̀pọ̀ ọfà ni mátíríìsì méjèèjì máa gbé lọ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó v fún wọn, ibì kan náà ni wọ́n máa gbé e lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, bí a bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ohun tó máa ṣẹ́ kù lọ́wọ́ v ni òfo. Mátíríìsì tí ìyọkúrò náà bí nìyí:

```
| 4-λ   1  |
|  2   3-λ |
```

Ó ń tẹ v pa di òfo. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: mátíríìsì wo ló lè tẹ ọfà tó ní gígùn pa di òfo? Kì í ṣe èyí tí òpó rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àwọn òpó bá kọjú sí ọ̀nà ọ̀tọ̀, ìwé gíráàfù yóò kàn fà ni, yóò tẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọfà kankan nù. Ó di ìgbà tí òpó méjèèjì bá wà lójú ìlà kan ṣoṣo kí gbogbo ojú ìwé tó lè pa pọ̀ di ìlà tín-ín-rín, bíi ìgbà tí a ká ẹní. Ìgbà yẹn ni àwọn ọfà kan máa tó di òfo.

Ohun tó ń wọn bóyá ojú ìwé ti pa pọ̀ di ìlà ni ditamínáǹtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń sọ bí àyè inú onígun mẹ́rin kékeré, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 1, ṣe máa tóbi tó lẹ́yìn fífà. Tí ó bá jẹ́ òfo, kò sí àyè mọ́, ojú ìwé ti di ìlà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá λ tó máa sọ ditamínáǹtì mátíríìsì òkè yìí di òfo. Kò sí awo nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kéèyàn yọ λ kúrò lára nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn méjì tó wà lórí ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè apá òsì wá sí ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún nìkan la ń yọ ọ́ kúrò lára wọn, nítorí mátíríìsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po λ ní òfo ní àwọn àyè méjì tó kù. Àṣìṣe kejì máa ń ti ọwọ́ ẹni tó gbọ́n díẹ̀ wá: á ti kọ́kọ́ fi ìbú kan yọ òmíràn kúrò nínú A kí nọ́ńbà inú rẹ̀ lè rọrùn. Ìyẹn dára bí a bá ń wá x àti y nínú ìdọ́gba méjì, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí ó ń sọ mátíríìsì náà di fífà mìíràn, áígẹ́nfálù á sì yí padà pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá λ

Ditamínáǹtì méjì-sí-méjì ni kí a fi òkè apá òsì lọ́po ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún, ká wá yọ èsì àwọn méjì yòókù kúrò nínú rẹ̀:

```
(4-λ)(3-λ) - (1)(2) = 0
λ² - 7λ + 10 = 0
(λ - 5)(λ - 2) = 0
```

Nítorí náà λ jẹ́ 5 tàbí 2. Ẹ rí i pé 5 tí a fi ojú rí lórí ìwé gíráàfù ti padà wá fúnra rẹ̀.

Ẹ tún wo ìdọ́gba àárín yẹn. 7 ni 4 àti 3 tí a ròpọ̀, 10 sì ni ditamínáǹtì A fúnra rẹ̀, ìyẹn 12 tí a yọ 2 kúrò nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà gbogbo fún méjì-sí-méjì, kódà a lè kọ ìdọ́gba náà sílẹ̀ láìtú àkámọ́ kankan. Ó tún fún wa ní ọ̀nà láti yẹ ara wa wò: áígẹ́nfálù méjèèjì tí a ròpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 7, tí a bá sì fi ọ̀kan lọ́po èkejì ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 10. 5 àti 2 bá méjèèjì mu. Ẹni tó bá rí 5 àti −2 nínú ìdánwò, tó sì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti ròó pọ̀, á ti mọ̀ pé àmì kan ti ṣì í lọ́wọ́.

Bí nọ́ńbà kò bá ṣeé fọ́ sí àkámọ́ méjì, ẹ lo fọ́múlà tí ẹ ti mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ìlà tó jẹ́ ti λ kọ̀ọ̀kan

Ẹ fi 5 sí ipò λ nínú mátíríìsì ìyọkúrò wa:

```
| -1   1 |
|  2  -2 |
```

Ọfà tí a ń wá, (x, y), gbọ́dọ̀ di òfo níbí. Ìbú òkè sọ pé −x + y = 0, ìyẹn ni pé y bá x dọ́gba. Ìbú ìsàlẹ̀ sọ pé 2x − 2y = 0, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọfà (1, 1) ni.

Ẹ má jẹ́ kí ó ya yín lẹ́nu pé ìbú méjèèjì ń sọ ohun kan náà. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. A ti fúnra wa mú kí ojú ìwé pa pọ̀ di ìlà kan, ìdọ́gba méjèèjì kò sì lè ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ láti sọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó pa iṣẹ́ rẹ̀ tó tọ̀nà rẹ́ níbí, tó ní ìdọ́gba kan ti sọnù. Ìdàkejì rẹ̀ gan-an ló yẹ kó bà yín lẹ́rù: bí ìbú òkè bá sọ pé y = x, tí ìbú ìsàlẹ̀ sì sọ pé y = 3x, a jẹ́ pé λ tí ẹ mú wá kì í ṣe áígẹ́nfálù. Ohun kan ṣoṣo tó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn ni (0, 0), ọfà (0, 0) kò sì ka, torí kò kọjú síbì kankan. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta nígbà náà.

Ó kan 2:

```
| 2  1 |
| 2  1 |
```

2x + y = 0, ìyẹn y = −2x. Bí x bá jẹ́ 1, y á jẹ́ −2. Ọfà kejì wa ni (1, −2). Ẹ fi A fà á kí ẹ rí i: 4 tí a yọ 2 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ 2, 2 tí a yọ 6 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ −4. Ó di (2, −4), ìlọ́po méjì géérégé, ojú ìlà kan náà.

Ẹlòmíì lè ní (−1, 2) ni òun rí, tàbí (3, −6). Kò sí ìjà. Ìlà ni ìdáhùn, kì í ṣe ọfà kan pàtó. Ọfà èyíkéyìí tó bá wà lójú ìlà yẹn, ì báà gùn, ì báà kúrú, ì báà kọ ẹ̀yìn síra, áígẹ́nfẹ́kítọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó ọ̀nà àbùjá kan tí mo fẹ́ràn. Ẹ wo àwọn òpó mátíríìsì tí a rí nígbà tí λ jẹ́ 2: (2, 2) ni àkọ́kọ́, (1, 1) sì ni ìkejì. Áígẹ́nfẹ́kítọ̀ ti 5 nìyẹn! Ẹ sì wo òpó èyí tí λ jẹ́ 5: (−1, 2), ìlà ti 2. Nígbàkigbà tí áígẹ́nfálù méjèèjì bá yàtọ̀ síra, òpó ti ọ̀kan ni ọfà ti èkejì, bí òpó náà kò bá ṣáà ti jẹ́ òfo. Mo máa ń fi yẹ iṣẹ́ mi wò kí n tó kúrò lórí ìwé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yà á

Lórí ìwé gíráàfù, ẹ fa ìlà tó gba (1, 1) kọjá láti igun kan ìwé dé igun kejì, kí ẹ tún fa èyí tó gba (1, −2) kọjá. Àwọn méjèèjì pàdé ní òfo, ṣùgbọ́n wọn kò dá ara wọn ní igun 90, láìdàbí ti rọ́bà. Igun 90 yẹn kì í ṣe dandan. Ó máa ń wá bí nọ́ńbà méjì tí kò sí lórí ìlà ìsọ̀kalẹ̀ bá jẹ́ ọgbọọgba. Tiwa jẹ́ 1 àti 2, wọn kò dọ́gba, ìlà wa sì dágun.

Ẹ wá gbàgbé ìlà ìdùbúlẹ̀ àti ìlà ìdúró tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé náà. Ẹ fi ìlà méjì tuntun yìí ṣe ọ̀nà yín. Lójú ọ̀nà tuntun yìí, gbogbo ariwo 4, 1, 2, 3 ti parí. Ohun tí A ń ṣe kò ju pé ó ń na nǹkan ní ìlọ́po 5 sí ọ̀nà kan, ó sì ń nà á ní ìlọ́po 2 sí ọ̀nà kejì. Ẹ tún rí ìdí tí ditamínáǹtì fi jẹ́ 10: àyè tí a nà ní 5 síhìn-ín àti 2 sọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ tóbi ní ìlọ́po 10.

Ẹ jẹ́ ká mú (1, 0), ọfà kan tó yẹ̀, ká sì bi í léèrè ìdí tó fi yẹ̀. A lè gé e sí méjì lójú ọ̀nà tuntun: ìdá méjì nínú mẹ́ta (1, 1) àti ìdá kan nínú mẹ́ta (1, −2). Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ ó rí (1, 0). Nígbà tí A dé, ó fa apá àkọ́kọ́ ní ìlọ́po 5, ó fa apá kejì ní ìlọ́po 2 péré. Apá kan gùn ju èkejì lọ, ọfà náà sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ èyí tó lágbára. Ìdí tí àwọn ọfà 1 àti 2 fi tẹ̀ sí 3 lórí rọ́bà náà nìyẹn.

Tí a bá fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wo bó ṣe ń lọ:

```
(1, 0) -> (4, 2) -> (18, 14) -> (86, 78) -> (422, 406)
```

Ẹ fi àkọ́kọ́ pín ìkejì: 0, 0.5, 0.78, 0.91, 0.96. Ó ń sún mọ́ 1, ìyẹn ìlà (1, 1), ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ẹ tún wo bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe ń dàgbà: 422 ÷ 86 jẹ́ 4.9, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 5. Ọ̀nà tí a fi ń wá áígẹ́nfálù tó tóbi jù nínú mátíríìsì ńlá ńlá, tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ tú, ti inú èyí jáde: a kàn ń fà á léraléra, a sì ń wo ibi tí ọfà fìdí kalẹ̀ sí. Ó kùnà bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà (1, −2) gan-an, torí ọfà náà kò ní apá kankan lójú ìlà 5 tó lè dàgbà.

Ibi tí kò ti ní rí báyìí

Kì í ṣe gbogbo mátíríìsì ló ní ìlà méjì. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

```
R = | 0 -1 |     S = | 1  1 |     M = | 1  2 |
    | 1  0 |         | 0  1 |         | 2  4 |
```

R ń yí gbogbo ọfà ní igun 90 sí ọwọ́ òsì. Ọfà wo ni kò ní yẹ̀? Kò sí. Ìdọ́gba rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀: λ² + 1 = 0, kò sí nọ́ńbà lásán tí a lè fi lọ́po ara rẹ̀ kó di −1. Àwọn oníṣirò máa ń bá a lọ pẹ̀lú i àti −i, ó sì wúlò fún wọn, ṣùgbọ́n lórí ìwé gíráàfù, ẹ kọ ọ́ pé kò sí ìlà tó dúró, kí ẹ má wá a kiri.

S dà bí ìgbà tí ẹ to káàdì jọ sórí tábìlì, tí ẹ wá fi ọwọ́ ti òkè rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ìsàlẹ̀ kò kúrò, òkè ń yọ̀ lọ. Ìdọ́gba rẹ̀ ni λ² − 2λ + 1 = 0, 1 ló sì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ bá fi 1 sí ipò λ, ìbú òkè á sọ pé y = 0, ìbú ìsàlẹ̀ á dákẹ́. Ìlà ìdùbúlẹ̀ nìkan ni kò yẹ̀. Ẹni tó bá ń fi dandan wá ìkejì kò ní rí i, torí kò sí níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé nígbàkigbà tí λ bá jáde lẹ́ẹ̀mejì ló máa rí báyìí: mátíríìsì tó ń sọ ohun gbogbo di ìlọ́po 2 ní 2 lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ gbogbo ọfà pátá ni áígẹ́nfẹ́kítọ̀ rẹ̀.

M ní tirẹ̀ ní áígẹ́nfálù 5 àti 0. Òfo yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Òpó rẹ̀ méjèèjì, (1, 2) àti (2, 4), wà lójú ìlà kan, nítorí náà ó ń pa gbogbo ojú ìwé pọ̀ sórí ìlà (1, 2), ọfà (2, −1) sì ni ó ń tẹ̀ pa. Áígẹ́nfálù lè jẹ́ òfo. Áígẹ́nfẹ́kítọ̀ ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òfo. Àwọn ènìyàn máa ń pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò

```python
import numpy as np
w, V = np.linalg.eig(np.array([[4, 1], [2, 3]]))
print(w)
print(V)
```

Ẹ ó rí 5 àti 2 nínú `w`, ṣùgbọ́n nínú `V` ẹ ó rí 0.7071 àti 0.4472 àti 0.8944, kì í ṣe 1 àti −2. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó ti gé ọfà kọ̀ọ̀kan kúrú kí gígùn rẹ̀ lè jẹ́ 1 gẹ́lẹ́, ó sì lè kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ fi nọ́ńbà kan pín èkejì, ẹ ó rí i pé ìlà kan náà ni. Kí ẹ sì rántí pé òpó ni kí ẹ fi ka `V`. Ẹni tó bá fi ìbú kà á yóò gba ọfà tí kò sí níbì kankan.

Mátíríìsì kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe kí ẹ tó wo ìlà tó tẹ̀lé e:

```
B = | 1   2 |
    | 2  -2 |
```

Ìdọ́gba rẹ̀ ni λ² + λ − 6 = 0, áígẹ́nfálù sì jẹ́ 2 àti −3. Ti 2 wà lójú ìlà (2, 1), ti −3 wà lójú ìlà (1, −2). Bí ẹ bá ya ìlà méjèèjì, ẹ ó rí i pé wọ́n dá igun 90, torí nọ́ńbà méjì tí kò sí lórí ìlà ìsọ̀kalẹ̀ dọ́gba, 2 àti 2. Àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 3 sì túmọ̀ sí pé ọfà (1, −2) di (−3, 6): kò kúrò lójú ìlà rẹ̀, ó gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ti gba òfo kọjá lọ sí òdìkejì.